Bí a ṣe ń ka ètò ìlú láti òkè: búlọ́ọ̀kù, títì àti ráńdábáòtì Èkó

Ẹni tó bá wo Èkó nínú àwòrán sátẹ́láìtì fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé ìlú náà kò ní ètò kankan, nítorí pé òrùlé bo gbogbo ojú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú ojú kúrò lára òrùlé, tí ó sì tẹjú mọ́ ìlà títì nìkan, yóò rí i pé oríṣiríṣi ìlú ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀, àti pé kì í ṣe ọwọ́ kan náà ló pín ilẹ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ní àsìkò kan náà. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ mọ bí a ṣe ń dá àwọn ọwọ́ náà mọ̀ yàtọ̀. Erékùṣù Èkó ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, mo sì máa ń kọjá sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà níbi tó bá yẹ, nítorí pé láàárín kìlómítà díẹ̀, láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Ìkòyí, èèyàn lè rí ìlànà ìlú Yorùbá, ìlànà àwọn oníṣòwò etí omi, ìlànà awọnlẹ̀ ìjọba àmúnisìn àti ìlànà àdúgbò àwọn òyìnbó, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù. Àmì mẹ́ta ni a ó máa wò, wọn kò sì lágbára bákan náà. Ìrísí búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ègé ilẹ̀ tí títì yí ká, ni ó ṣeé gbára lé jù. Bí títì ṣe parí ni ó tẹ̀lé e. Ráńdábáòtì ni ó gbẹ̀yìn pátápátá. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbà á láti òdìkejì, nítorí pé òbìrìkìtì ni ojú máa ń kọ́kọ́ rí láti òkè, wọ́n á sì ti sọ pé ilẹ̀ Faransé tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ètò náà ti wá kí wọ́n tó wo ohunkóhun mìíràn. Ìdí tí mo fi tò wọ́n bẹ́ẹ̀ ni pé ààlà ilẹ̀ onílé ló wà lábẹ́ búlọ́ọ̀kù. Bí a bá tilẹ̀ wó ilé tí a sì tún un kọ́ nígbà mẹ́ta, ààlà náà kì í sábà yẹ̀, nítorí pé ìwé, ẹbí àti ẹjọ́ ló dì í mú. Ní ti ráńdábáòtì, orí ilẹ̀ ìjọba ló wà, ìjọba sì lè hú u kúrò láàárín oṣù díẹ̀ láìjẹ́ pé ilé kan ṣí nípò.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ jẹ́ kí òṣùwọ̀n yín dúró lójú kan

Ẹ ṣí Google Earth tàbí OpenStreetMap. OpenStreetMap ni mo fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìlà títì hàn ketekete níbẹ̀, òrùlé kò sì ní dí yín lójú; bí ó bá di pé kí a wọn nǹkan, ẹ bọ́ sí Google Earth. Ẹ jẹ́ kí àríwá wà lókè, kí ẹ sì wo ìlà òṣùwọ̀n kékeré tó wà nísàlẹ̀ àwòrán. Ẹ sún àwòrán náà títí tí fífẹ̀ ojú ẹ̀rọ yín yóò fi tó nǹkan bí kìlómítà kan, kí ẹ má sì yí i padà mọ́ bí ẹ ti ń ti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn. Bí ẹ bá wo Ìkòyí láti òkè réré, tí ẹ sì wo Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà láti ìtòsí, búlọ́ọ̀kù méjèèjì yóò dọ́gba lójú yín, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ fíìfíì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ béèrè ohun tí títì fara tì

Gbogbo títì tó gún ló ní ohun tí wọ́n wò kí wọ́n tó fa ìlà rẹ̀. Ó lè jẹ́ omi, ó lè jẹ́ ojú irin, ó lè jẹ́ ọ̀nà àtijọ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ ààfin, ó sì lè jẹ́ pé kò wo nǹkan kan lórí ilẹ̀ ju kọ́ńpáàsì tó wà lọ́wọ́ awọnlẹ̀ lọ. Ìbéèrè yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi àwòrán.

Ẹ wo gúúsù Erékùṣù Èkó. Títì Màrínà ń bá etí ọ̀sà lọ, Títì Bíróòdù sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bíi ẹni tó ń tẹ orípa rẹ̀. Níbi tí etí omi bá ti tẹ̀, àwọn náà a tẹ̀. Àwọn títì kúkúrú ló dábùú láàárín wọn, tí wọ́n sì kọjú sí omi. Ìrísí yìí ní ìdí. Láti ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní 1861, inú ọkọ̀ ojú omi ni ọjà ti ń wọlé tí ó sì ti ń jáde, olúkúlùkù ilé ìṣòwò ló sì ń fẹ́ kí iwájú òun kọjú sí omi níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Nítorí náà, bí ẹ bá rí títì méjì tàbí mẹ́ta tó ń bá etí omi lọ, tí búlọ́ọ̀kù àárín wọn gùn ní ìbú etí omi, tí ọ̀nà kéékèèké sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etíkun, ìlànà ìlú oníṣòwò etí omi ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Kì í ṣe ti Èkó nìkan. Ọ̀pọ̀ èbúté tí àwọn ará Yúróòpù ti ń ṣòwò ló ní irú ìrísí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbé ojú lọ sí apá àríwá erékùṣù náà, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Títì ibẹ̀ kò bá omi lọ, wọn kò sì bá kọ́ńpáàsì lọ. Ẹ wá Ìga Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó, kí ẹ sì wo bí àwọn ọ̀nà ṣe ń wá síbi Ẹnu Ọwá láti oríṣiríṣi igun. Nínú ìlú Yorùbá, ààfin àti ọjà iwájú rẹ̀ ni ọ̀nà máa ń wá, agbo ilé àwọn ìjòyè ló sì máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ọ̀nà náà. Ẹ kò gbọdọ̀ retí pé kí ààfin náà wà ní àárín gbùngbùn erékùṣù, nítorí pé erékùṣù náà tóbi ju ìlú àtijọ́ lọ; ojúkò àwọn ọ̀nà ni kí ẹ máa wá, ẹ má wá àárín máàpù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn búlọ́ọ̀kù

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Nínú Google Earth, ẹ yan Ruler, kí ẹ sì wọn ìbú búlọ́ọ̀kù, ìyẹn apá rẹ̀ tó kúrú, láti etí títì kan dé etí títì kejì. Ẹ má wọn ọ́n láti àárín títì dé àárín títì, nítorí pé fífẹ̀ títì yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì ba ìṣirò jẹ́. Nínú ìlú tí awọnlẹ̀ pín, ilé méjì ló sábà máa ń kọ ẹ̀yìn síra nínú búlọ́ọ̀kù kan, ọ̀kan kọjú sí títì òkè, èkejì kọjú sí títì ìsàlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá pín ìbú búlọ́ọ̀kù sí méjì, ẹ ti rí bí pulọ́ọ̀tì kan ṣe jìn tó.

Bí ẹ bá ti rí i, ẹ yí mítà padà sí ẹsẹ̀ bàtà. Gbogbo ẹni tó ti ra ilẹ̀ rí ní Èkó mọ pulọ́ọ̀tì 50 sí 100 àti 60 sí 120, ẹsẹ̀ bàtà sì ni gbogbo rẹ̀. Pulọ́ọ̀tì tó jìn ní 100 ẹsẹ̀ bàtà jẹ́ mítà 30 àti ààbọ̀, méjì rẹ̀ lẹ́yìn síra yóò sì fún yín ní búlọ́ọ̀kù tó fẹ̀ tó mítà 61. Bí ó bá jẹ́ 120, búlọ́ọ̀kù yóò fẹ̀ tó mítà 73. Nígbà tí iye tí ẹ rí bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iye tó pé geere nínú ẹsẹ̀ bàtà, tí kò sì pé geere nínú mítà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ọwọ́ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní iṣẹ́ ni ó pín ilẹ̀ náà. Ní ìlú tí àwọn Faransé tàbí àwọn Potogí ti jọba, láti ìgbà tí wọ́n ti gba mítà, mítà ni iye á ti máa pé.

Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo dájọ́. Ẹ wọn márùn-ún tó tẹ̀léra. Bí ìyàtọ̀ wọn kò bá ju mítà méjì tàbí mẹ́ta lọ, a jẹ́ pé ẹnì kan ló jókòó tó fa ìlà wọn kí ilé tó débẹ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 40, tí èkejì jẹ́ 95, tí ẹ̀kẹta ní igun márùn-ún, ilẹ̀ náà ló dàgbà fúnra rẹ̀, àwọn ilé ló kọ́kọ́ débẹ̀, títì ló wá wá ààyè kọjá láàárín wọn. Ohun tí ẹ ó rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó nìyẹn. Búlọ́ọ̀kù ibẹ̀ jẹ́ agbo ilé tàbí ọ̀pọ̀ agbo ilé tó so mọ́ra, tí ọ̀nà tóóró ń wọ inú rẹ̀, kì í ṣe pulọ́ọ̀tì tó kọ ẹ̀yìn síra. Bí ẹ bá pín ìbú rẹ̀ sí méjì, iye tí ẹ ó rí kò ní ní ìtumọ̀, àìní ìtumọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ sì ni àmì.

Ẹ jẹ́ kí a gbé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà wò, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti hàn jù. Ní 1867, rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì lé àwọn Òyìnbó ajíhìnrere àti ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá tó jẹ́ Krìstẹ́nì kúrò nílùú. Glover, tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, fún àwọn tó sá wá ní ilẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà. Èrò pọ̀ tó ń wá ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yára pín láìsí ìjà. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀nà tó yá ju kí awọnlẹ̀ fa ìlà gígùn, kí ó dá ìlà mìíràn bùú u, kí ó kan èèkàn sí igun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì pín pulọ́ọ̀tì tó dọ́gba. Gíríìdì ni àwọn olùṣètò ìlú ń pe irú ètò yìí. Títì Abẹ́òkúta, Títì Ìbàdàn, Títì Ondó àti Títì Kánò tí ẹ ó rí lórí máàpù ibẹ̀ ṣì wà lórí ìlà tó gún bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé gíríìdì ni, nítorí náà ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn Sípéènì náà fi gíríìdì kọ́ ìlú káàkiri Amẹ́ríkà ti Gúúsù, wọ́n sì ní òfin fún un ní 1573, tó pàṣẹ pé láti pápá ńlá tó wà láàárín ìlú ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa títì, kí ilé ìjọba àti ilé ìjọsìn sì wà létí pápá náà. Bí ó bá jẹ́ ìlú Sípéènì ni ẹ ń wò, ẹ ó rí búlọ́ọ̀kù kan tó ṣófo ní àárín, àwọn búlọ́ọ̀kù yòókù sì sábà máa ń dọ́gba níbùú lóròó. Ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, kò sí irú pápá bẹ́ẹ̀ tí gbogbo títì ti bẹ̀rẹ̀, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ sì gùn ju bí ó ti fẹ̀ lọ, torí pé pípín ilẹ̀ fún ìdílé ni ètò náà wà fún, kì í ṣe fífi ògo ìjọba hàn. Ní Bàsẹ́lónà ẹ̀wẹ̀, gíríìdì tí Cerdà ṣètò ní 1859 ní búlọ́ọ̀kù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 113, wọ́n sì gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ kúrò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ gíríìdì, ìwọ̀n, igun àti àárín wọn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìwọ̀n náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Láàárín Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà àti Yábàá, ẹ ó ti gíríìdì kan bọ́ sínú òmíràn. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba sì dá àjọ Lagos Executive Development Board, tí a mọ̀ sí LEDB, sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú náà ṣe. Yábàá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n pín ilẹ̀ sí fún àwọn tó ń kúrò ní erékùṣù. Ìdí gíríìdì Yábàá yàtọ̀: ìmọ́tótó, afẹ́fẹ́ àti dídín èrò kù ni, kì í ṣe gbígba àlejò òjijì. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan náà ni awọnlẹ̀ méjèèjì lò. Búlọ́ọ̀kù nìkan kò lè sọ fún yín èyí tó jẹ́ ti 1867 àti èyí tó jẹ́ ti LEDB. Ibi tí ọwọ́ méjì ti pàdé ni kí ẹ lọ wò, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wo bí títì ṣe parí

Títì tí kò já pọ̀ ní Èkó, oríṣi mẹ́ta ni mo sì máa ń pín wọn sí. Èkíní ni èyí tó ń tínrín bí ó ti ń wọlé, tí ó sì parí sí ojúde agbo ilé. Kò ní ìrísí kan pàtó, igun rẹ̀ máa ń ṣẹ́ lójijì. Ti Ìsàlẹ̀ Èkó nìyẹn. Èkejì ni èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dí lórí pépà, tí gbogbo wọn gùn bákan náà tí wọ́n sì tò lẹ́sẹẹsẹ sí ara títì ńlá kan. Ẹ lọ wo Fẹ́sítáàkì, tí wọ́n kọ́ nítorí àjọ̀dún 1977: àwọn títì ńlá tí wọ́n fi nọ́ńbà pè, títì kékeré tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, àti kúlósì tí wọ́n fi álífábẹ́ẹ̀tì sọ lórúkọ. Ọ̀rúndún ogún ni ìlànà yẹn, ìlànà àwọn tó fẹ́ kí mọ́tò tó ń kọjá lọ má ṣe gba iwájú ilé onílé kọjá. Ẹ̀kẹta ni títì tó gún dáadáa, tí ó sì dúró lójijì sí ara omi, ojú irin, kanáàlì tàbí ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ má kà á kún àmì ìlànà kankan kí ẹ tó wo òdìkejì ìdènà náà. Bí ìlà kan náà bá tẹ̀síwájú lọ́hùn-ún, títì kan ni tẹ́lẹ̀, ìdènà náà ló dé lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi ìka bo ráńdábáòtì

Ẹ fi ìka bo òbìrìkìtì náà lójú ẹ̀rọ, kí ẹ sì wo àwọn búlọ́ọ̀kù tó yí i ká. Bí igun wọn bá tẹ̀ kóro bá òbìrìkìtì náà, tí àwọn títì sì ti ọ̀nà jíjìn kọjú sí àárín rẹ̀ tààrà, a jẹ́ pé òbìrìkìtì náà ni wọ́n kọ́kọ́ yà kí wọ́n tó pín ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Párísì níbi tí títì ńlá 12 ti pàdé yí ẹnubodè ìṣẹ́gun ká. Bí igun àwọn búlọ́ọ̀kù bá ṣì mú ṣónṣó láìtẹ̀, tí ẹ sì lè rò ó pé oríta lásán ni yóò jẹ́ bí òbìrìkìtì kò bá sí, ohun èlò ìrìnnà ni wọ́n fi síbẹ̀ lẹ́yìn, kò sì sọ nǹkan kan fún wa nípa ìlànà ìlú náà.

Ọ̀pọ̀ jù nínú ráńdábáòtì Èkó ló jẹ́ irú kejì yìí, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti hú ráńdábáòtì kúrò lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ àti ní Állẹ́ẹ̀nì ní Ìkẹjà, wọ́n sì fi iná ìrìnnà rọ́pò wọn. Ẹ yan Historical imagery nínú Google Earth, kí ẹ fà á padà sí ìgbà tí wọn kò tíì hú wọn, kí ẹ sì fi àwòrán méjèèjì wéra: òbìrìkìtì ti lọ, àwọn búlọ́ọ̀kù kò mira.

Àwọn kan máa ń wo apá tí mọ́tò ń gbà nínú ráńdábáòtì, wọ́n sì ń fi ìyẹn sọ irú ìjọba tó ṣètò ìlú. Ní Nàìjíríà, yóò ṣì yín lọ́nà. Ọwọ́ òsì ni a ń gbà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, a sì yí padà sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, bẹ́ẹ̀ títì tí a ń gbà kò yí padà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wá ojú rírán

Ojú rírán ni mo ń pe ibi tí ètò méjì ti pàdé. Ẹ ó dá a mọ̀ nípa títì tó dé oríta tí kò sì bá ìkejì rẹ̀ ṣe déédéé, tí ẹni tó ń bọ̀ ní láti yà díẹ̀ kí ó tó máa lọ. Nípa ègé ilẹ̀ onígun mẹ́ta tí kò bá ẹnì kankan mu. Àti nípa títì kan tó fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ tó ń ṣe ààlà. Ojú rírán ló ń sọ ẹni tó kọ́kọ́ dé, nítorí pé ẹni tó dé lẹ́yìn ló máa ń tẹ ìlà tirẹ̀ kí ó lè bá ti àkọ́kọ́ mu.

Ẹ jẹ́ kí a rìn láti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí ìlà oòrùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìga Ìdúngànrán, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ lọ síhà Pápá Kámpọ́ọ̀sì. Títì Báńgbóṣé, Igbóṣeré àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gún ju ti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ, búlọ́ọ̀kù bẹ̀rẹ̀ sí í ní igun mẹ́rin, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba, ìlà mìíràn sì ń wọ́ díẹ̀. Pópó Àgùdà nìyí, àdúgbò àwọn tó ti Bùràsíìlì padà dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé yóò fẹ́ sọ pé ètò ìlú Bùràsíìlì nìyí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn Àgùdà mú bọ̀ hàn nínú ilé: fèrèsé, ọ̀nà ìgbàwọlé, iṣẹ́ ọnà ara ògiri, iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà. Láti òkè, a kò rí ògiri. Ohun tí a rí ni ilẹ̀, ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú ọba àti etí omi àwọn oníṣòwò, tí wọ́n pín ní díẹ̀díẹ̀ bí èrò ti ń dé. Àìdọ́gba búlọ́ọ̀kù rẹ̀ bá pípín díẹ̀díẹ̀ mu ju bí ó ti bá ètò ìlú tí wọ́n gbé wá láti òkè òkun lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ilé Àgùdà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí títì.

Ẹ máa lọ síhà Oníkan. Lójijì, ilé dín kù, ilẹ̀ sì là. Pápá Tafawa Balewa wà níbẹ̀, tí ó jẹ́ pápá eré ẹṣin tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó kan kanáàlì MacGregor, tí wọ́n fi orúkọ gómìnà tó ṣàkóso Èkó láti 1899 sí 1904 pè, tí ó sì ya Erékùṣù Èkó nípa kúrò lára Ìkòyí. Ojú rírán tó nípọn jù nìyí ní gbogbo Èkó, òfin sì wà lẹ́yìn irú rẹ̀. Lábẹ́ Lugard, òfin ìlú ti 1917 pàṣẹ pé kí àlàfo tí kò sílé, tó fẹ̀ tó 440 yáàdì, ìyẹn nǹkan bí 400 mítà, wà láàárín ibi tí àwọn òyìnbó ń gbé àti ibi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ ń gbé. Àwáwí wọn ni pé ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kò ní lè fò kọjá rẹ̀, pé iná kò sì ní lè ràn dé ọ̀dọ̀ wọn. Èrò tí kò ṣeé gbà ni èyí jẹ́ fún wa lónìí, ṣùgbọ́n ó ṣì hàn lórí ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà. Bí ẹ bá rí ìgbànú pápá, ibi ìsìnkú, bárékè, pápá ìṣeré tàbí kanáàlì tó là ìlú méjì láàárín, tí búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ kan kéré tí ti ìkejì sì tóbi, ìlànà ìyàsọ́tọ̀ ti ìjọba àmúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ìdánilójú tó ga. Ní Èkó, afárá àti ọ̀nà ńlá tó gba Ọbaléńdé kọjá ti jẹ púpọ̀ nínú àlàfo náà, nítorí náà ègé rẹ̀ ni ẹ ó máa rí, kì í ṣe odindi rẹ̀.

Ẹ sọdá kanáàlì náà sí Ìkòyí àtijọ́, kí ẹ sì tún wọn búlọ́ọ̀kù. Pulọ́ọ̀tì tó bá jẹ́ éékà kan tó dọ́gba níbùú lóròó ní ẹ̀gbẹ́ tó tó mítà 64, méjì rẹ̀ lẹ́yìn síra á sì tó mítà 128, ìlọ́po méjì ohun tí pulọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 100 ń fúnni. Títì ibẹ̀ jìnnà síra, àwọn mìíràn sì ń tẹ̀ bí òṣùpá. Èrò ìlú inú ọgbà ló wà lẹ́yìn èyí, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní Letchworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1903. Ní Letchworth, kí òṣìṣẹ́ lè ní ọgbà àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ; ní Ìkòyí, ọ̀gá ìjọba ni wọ́n fi ọgbà náà fún. Ilé alájà púpọ̀ ti kún ibẹ̀ báyìí, wọ́n sì ti gé pulọ́ọ̀tì mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti inú ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ìlà títì wà níbi tó wà. Nítorí náà ni ẹ kò ṣe gbọdọ̀ fi gíga ilé tàbí fífún rẹ̀ dá ètò mọ̀.

Ohun tó ń ṣini lọ́nà jù ní etí omi

Mo ní kí ẹ wo ohun tí títì fara tì, ṣùgbọ́n etí omi Èkó kì í dúró lójú kan. Ẹ padà lọ wo Màrínà. Lónìí kò sí létí ọ̀sà mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi yanrìn dí omi fún ọ̀nà tó yí erékùṣù náà ká ní àwọn ọdún 1970 ni ilẹ̀ tuntun àti ọ̀nà ńlá ti dé iwájú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí yóò wọn àlàfo tó wà láàárín Màrínà àti omi, yóò sì sọ pé Màrínà kì í ṣe títì etí omi. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ni pé títì tó bá omi àtijọ́ lọ máa ń tẹ̀ láìsí ìdí tó hàn lónìí, tí àwọn ọ̀nà kúkúrú tó dábùú u a sì parí sí ara rẹ̀ láìsọdá. Ilẹ̀ tuntun náà ní tirẹ̀ máa ń ní etí tó gún gbọnrangandan, nítorí pé ẹ̀rọ ló tú yanrìn sí i. Ẹ fi ìdánwò kan náà wo Bànánà Áílándì ní ìlà oòrùn Ìkòyí: etí rẹ̀ tẹ́jú, títì rẹ̀ bá ìrísí ilẹ̀ náà lọ, ẹnu ọ̀nà kan ni wọ́n sì ń gbà wọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ ló ṣètò ilẹ̀ àti títì níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti tà á.

Bí a ṣe ń kọ àbá náà sílẹ̀

Ẹ kọ àbá fún ègé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má kọ ọ́ fún odindi ìlú. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ kọ: ohun tí títì fara tì, ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù márùn-ún, bí títì ṣe parí, àti ojú rírán tó sún mọ́ ọn jù pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ tó tẹ ìlà rẹ̀ fún èkejì. Ẹ fi ráńdábáòtì sí ìsàlẹ̀, bí ó bá yege ìdánwò ìka nìkan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó lọ ka ìtàn àdúgbò náà, nítorí pé ẹni tó bá ka ìtàn ṣáájú yóò rí ohun tí ìtàn sọ, kódà níbi tí kò sí. Bí àmì mẹ́ta bá fẹnu kò, ẹ lè sọ ọ́ ní gbangba. Bí méjì bá ń ta ko ara wọn, ó sábà máa ń jẹ́ pé ojú rírán kan wà nínú ègé ilẹ̀ náà tí ẹ kò tíì rí. Ẹ pín in sí méjì, kí ẹ sì tún un wọ̀n.